Ìdí tí mílíìkì fi ń ru dà sínú iná, àti bí ẹ ṣe lè sè é láìṣòfò



Tí a bá lọ sí gáà àwọn Fúlàní ní agbègbè Fìdítì àti Ìlọrà, a sábà máa ń rí mílíìkì tó ti jó mọ́ ara ìkòkò wọn níta. Èyí tó ru dà ni. Bí lítà 1 bá dà nínú lítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin ọjà ọjọ́ yẹn ló bá iná lọ, kí wàrà tó dé ọjà rárá.

Kí ló dé tí omi lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Tí omi bá ń hó, ìfófòó rẹ̀ máa ń bẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n purotéènì tó wà nínú mílíìkì kì í jẹ́ kí ìfófòó tiẹ̀ tètè bẹ́, bíi ti ọṣẹ. Bákan náà, bó ṣe ń gbóná, omi ojú rẹ̀ ń gbẹ, purotéènì àti ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di awọ, bí èyí tó máa ń bo ojú ògì gbígbóná tí a gbé kalẹ̀. Awọ yìí ló dà bí ọmọrí. Ooru tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò rọ́nà jáde, ló bá gbé gbogbo rẹ̀ sókè.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí awọ yẹn ráyè dì. Ẹ da lítà 4 sínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò tó lè gba lítà 8, kí ààyè wà. Ẹ má dé e. Ẹ ro ó títí kan ìdí ìkòkò, kó má bàa jó. Tí ẹ bá ti rí ìfófòó kéékèèké létí ìkòkò, ẹ fa igi díẹ̀ jáde nínú iná. Omi tútù tí àwọn kan máa ń bù sí i lè mú un rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ mílíìkì di olómi, oníbàárà yín á sì mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ ní kété tó bá kọ́kọ́ ru. Ìfófòó lè gòkè kí mílíìkì tó hó dáadáa, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ti ara màlúù wọ inú mílíìkì. Ẹ ro ó kó rọlẹ̀, kó wá hó láàárín ìkòkò fún bíi ìṣẹ́jú 1.

Tó bá jẹ́ wàrà lẹ fẹ́ ṣe, ìgbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ máa da omi bọmubọmu sí i. Tó bá ti ń dì, ẹ má rò ó mọ́, kó má bàa fọ́ wẹ́wẹ́. Iná jẹ́jẹ́ nìkan ló kù tí ẹ ó máa ṣọ́.

Tí awọ bá sì padà yọ nígbà tó ń tutù, ẹ má dà á nù. Oúnjẹ ni. Ẹ rò ó padà sínú mílíìkì yín.