Bí A Ṣe Kó Ojú Òpó Màámi Lọ Sílé Tuntun

Iṣẹ́ àdìrẹ ni màámi ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Ojú òpó ayélujára tí wọ́n ṣí ni àwọn oníbàárà tó wà lókèèrè fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ láti Lọ́ńdọ̀nù yóò wo àwòrán aṣọ níbẹ̀, yóò sì kọ ímeèlì sí màámi lórí orúkọ kan náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ojú òpó náà sílé sọ owó di ìlọ́po méjì, tí ojú òpó sì ń pẹ́ kó tó ṣí, a pinnu láti kó kúrò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màámi bi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì: "Ṣé àwọn ímeèlì mi ò ní sọnù báyìí?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sí nínú àwọn àwòrán tí a fẹ́ kó. Inú àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní DNS ló wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun kan ṣoṣo ni ojú òpó, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni orúkọ, èyí tí à ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì ni ilé, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tí wọn kì í pa tọ̀sán tòru, tí àwọn àwòrán àti ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwé tó sọ ilé tí ẹni tó bá pe orúkọ náà yóò yà sí. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè wà. Ní ti màámi, ibi tí a ti ra orúkọ ni ìwé náà wà, ilé wà níbòmíràn, ímeèlì sì tún wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. N kò ní kọ orúkọ ojú òpó màámi síbí. example.com ni n ó fi rọ́pò rẹ̀.

Fóònù kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà ló mọ̀. Láyé àtijọ́, fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà sí, oníkálukú á sì da á kọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí orúkọ pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ ní ọdún 1983, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ru gbogbo orúkọ ayé sórí mọ́. Bí ẹ bá tẹ example.com lónìí, fóònù yín yóò bi kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ń ra dátà. Abániwádìí ni n ó máa pè é. Òun ló máa lọ bi àwọn tó wà lókè pátápátá pé, "Ta ló mọ̀ nípa .com?" Wọ́n á darí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú .com, àwọn yẹn á sì ní, "Lọ bi ns1.example.org, òun ló ni ìwé orúkọ yẹn lọ́wọ́." Nígbà tó bá débẹ̀ ni yóò rí nọ́ńbà gbà. Ìrìn yìí kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tí a bá nínú ìwé màámi nìyí:

```
example.com.      86400  IN  A      192.0.2.10
www.example.com.  86400  IN  CNAME  example.com.
example.com.      86400  IN  MX     10 mail.example.net.
```

Ìlà A ni ó sọ nọ́ńbà ilé tí ojú òpó wà. Ìlà CNAME ń sọ pé orúkọ mìíràn ni www jẹ́ fún ẹni kan náà, nítorí náà ibi tí example.com bá lọ ni www yóò tẹ̀ lé e lọ, a ò ní fọwọ́ kàn án. Ìlà MX ni ti ímeèlì. Òun ló ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí màámi pé kó gbé ìwé náà lọ sí mail.example.net, ibi tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilé àwòrán. Nọ́ńbà 10 tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ipò: bí ìlà MX bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ilé tuntun fi ìwé ìkíni ránṣẹ́ sí wa. Ó ní kí a lọ sí ibi tí a ti ra orúkọ, kí a yọ àwọn olùtọ́jú ìwé tó wà níbẹ̀, kí a sì fi tàwọn sí i. Ìlà méjì péré ni, ó sì dà bí ohun tó rọrùn jù lọ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró ná. Bí ẹ bá pààrọ̀ olùtọ́jú ìwé, gbogbo ìwé lẹ pààrọ̀ yẹn, kì í ṣe ìlà kan nínú rẹ̀. Ìwé tuntun tó wà lọ́wọ́ wọn kò mọ ohunkóhun nípa ìlà MX màámi. Bí ìlà MX kò bá sì sí, ẹni tó ń kọ ímeèlì yóò gbé e lọ sí nọ́ńbà tó wà nínú ìlà A, ìyẹn ilé àwòrán, níbi tí wọn yóò ti sọ fún un pé àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwòrán aṣọ á máa hàn dáadáa, gbogbo wa á rò pé iṣẹ́ ti parí, àwọn oníbàárà á sì máa rí ímeèlì wọn gbà padà. Lójú tèmi, kò yẹ kí irú ìwé ìkíni bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ímeèlì. A fi olùtọ́jú ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà, a sì pinnu pé ìlà A nìkan ni a ó fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 86400 tó wà láàárín ìlà náà kò jẹ́ kí a ṣe é lójú ẹsẹ̀. TTL ni wọ́n ń pè é. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí abániwádìí lè fi tọ́jú ìdáhùn kí ó tó padà wá béèrè ni, 86400 sì jẹ́ wákàtí 24 géérégé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àyípadà DNS máa "ń tàn káàkiri." Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, torí kò sí ohun tó ń tàn. Kò sí ẹni tó ń kéde fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ oníkálukú, tí kò sì ní sọ ọ́ nù títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé. Bí a bá yí nọ́ńbà padà lójijì, ẹni tó béèrè ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú yóò ṣì máa lọ sí ilé àtijọ́ títí di ọ̀la.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kò yí nọ́ńbà ilé padà rárá. TTL ìlà A nìkan ni a yí sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà la dúró. Ẹni tó gba ìdáhùn kẹ́yìn kí a tó fọwọ́ kàn án yóò sọ ọ́ nù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, láti ìgbà náà lọ gbogbo abániwádìí á sì máa padà wá béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Àkókò ìdúró yẹn la fi yẹ ilé tuntun wò. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò ní fáìlì hosts tirẹ̀, tó ń wò kí ó tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí Windows, C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts ló wà. A fi ìlà yìí sí i:

```
203.0.113.25  example.com  www.example.com
```

Lójú ẹsẹ̀, láàrín gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà ilé wa nìkan ló ń rí ilé tuntun. A rí i pé àwòrán mẹ́rin kò tíì dé, a kó wọn lọ, kò sì sí oníbàárà tó mọ̀. Lẹ́yìn náà la pa ìlà yẹn rẹ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yín á máa parọ́ fún yín ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, a yí 192.0.2.10 padà sí 203.0.113.25. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyẹ̀wò rẹ̀ ló gba àkókò:

```
nslookup example.com ns1.example.org
nslookup example.com 8.8.8.8
nslookup -type=mx example.com
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń bi olùtọ́jú ìwé fúnra rẹ̀. Bí ó bá fún yín ní nọ́ńbà àtijọ́, a jẹ́ pé àyípadà náà kò wọlé, ìdúró kò sì lè tún un ṣe. Ẹ padà lọ wò ó. Àṣẹ kejì ń bi abániwádìí Gúúgù. Bí àkọ́kọ́ bá sọ tuntun tí èkejì sì sọ àtijọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí TTL pé. Tiwa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin. Àṣẹ kẹta ni mo pe màámi wá wò. Mo fi ìka tọ́ka sí mail.example.net, mo ní, "Ẹ wò ó, màámi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án." Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ó di ìgbà tí mo bá rí ímeèlì ná."

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó lè dẹ́rù ba ẹni tí kò retí rẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú òpó náà ṣí pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kò láàbò. Ìdí ni pé ilé tuntun kò lè gba ẹ̀rí https fún orúkọ wa títí orúkọ náà yóò fi tọ́ka sí i ní gbangba. Nígbà tí ẹ̀rí dé, ìkìlọ̀ lọ. Alẹ́ la yàn nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ímeèlì kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń béèrè iye ọ̀pá mẹ́wàá ẹlẹ́kọ. Màámi dá a lóhùn kí wọ́n tó fọ ẹnu.

A kò tíì ti ilé àtijọ́. Àwọn abániwádìí kan wà tí kì í bọ̀wọ̀ fún TTL, àwọn fóònù kan sì máa ń rántí ju bó ṣe yẹ lọ, a sì ti san owó ilé náà títí di ìparí oṣù. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo ìwé àwọn àlejò tí ilé àtijọ́ ń kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, mọ́kànlá ṣì yà síbẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ku mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò wá mọ́. Mo yí TTL láti 300 sí 3600, kí àwọn abániwádìí lè sinmi ìbéèrè díẹ̀, màámi sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ pé àwọn kò ní san owó oṣù tó ń bọ̀.