Lẹ́tà Owó Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ará Àgọ́-Àmọ́dù, ẹ̀yin ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ṣakí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi tí ẹ ń rán owó ilé-ìwé wálé, táàmù ń parí lọ, lẹ́tà owó ilé-ìwé sì máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Púpọ̀ nínú yín ló ní ilé-ìwé, àwọn tó kù ni wọ́n máa gba lẹ́tà ọ̀hún lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín lápá méjèèjì, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìyá kan wà ní àdúgbò kan nítòsí wa, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ọmọ wọn méjì wà ní ilé-ìwé aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Lẹ́tà wá lọ́dún kan pé owó ilé-ìwé ti ní “àfikún 16,000 náírà tuntun”. Ohun tí ilé-ìwé ní lọ́kàn ni pé owó tuntun jẹ́ 16,000. Ohun tí ìyá yìí gbọ́ lẹ́nu ọmọ tó ka lẹ́tà náà ni pé wọn óò fi 16,000 lé 13,000 tí wọ́n ń san. Wọ́n ṣírò ọmọ méjì, orí wọn fò lọ. Wọn ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kó àwọn ọmọ náà kúrò ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó fi máa di pé ẹnìkan ṣàlàyé fún wọn, táàmù ti lọ jìnnà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fà á: àfikún. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n kò jókòó ti ẹni tó máa kà á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Mummy kan nínú ìjọ, tí wọ́n ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbé lẹ́tà tiwọn wá pé “Pásítọ̀, ẹ bá mi wo gírámà rẹ̀ sà,” mo ní “Mummy, ẹ jẹ́ ká wo owó inú rẹ̀ ná mà.” Wọ́n ti gbà mí láyè kí n gbé e síbí. Bó ṣe wà nìyí kí á tó fọwọ́ kàn án:

“Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. A kí yín ní orúkọ Olúwa tó dá wa sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, a sì gbà á ládùúrà pé Ọlọ́run yóò máa pèsè fún gbogbo wa. Bí ẹ ti mọ̀, nǹkan kò rọrùn mọ́ ní orílẹ̀-èdè wa láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Nítorí èyí àti àwọn ìdí mìíràn, ìgbìmọ̀ alákòóso rí i pé ó pọn dandan láti ṣe àtúnṣe sí owó ilé-ìwé pẹ̀lú àfikún ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti táàmù tó ń bọ̀. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá san owó pé kò ní wọ kíláàsì, a kò sì ní gba ẹ̀bẹ̀.”

Gírámà rẹ̀ kò burú rárá. Ẹ wá bá mi wá iye tí òbí máa san nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Òbí ní láti mọ iye tó ń san tẹ́lẹ̀, kó mọ ìṣirò ìdá, kó tó lè mọ iye tó máa mú wá. Mo fi fóònù ṣe é lójú Mummy: 15,000 ni owó àtijọ́, ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4,050, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 19,050. Mummy ní “Rárá o, 19,000 la fẹ́ gbà.” Ẹ ò rí i? Àádọ́ta náírà yẹn, ìjà ni lọ́jọ́ ìwọlé. Ẹni tó mú 19,000 wá máa pàdé ẹni tó san 19,050, wọn óò sì sọ pé akápò ti jẹ àádọ́ta náírà. Nítorí náà a yọ ìdá kúrò, a kọ owó tuntun, a kọ owó àtijọ́ tẹ̀ lé e, ká má baà tún gbọ́ ìtàn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ “àtúnṣe” náà lọ. Nǹkan tó bàjẹ́ la máa ń tún ṣe. Òbí tó bá kà á máa ronú pé bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ dín in kù ni. Bí owó bá lé, ẹ sọ pé ó lé. Mo tún bèèrè pé ìgbìmọ̀ alákòóso wo. Mummy rẹ́rìn-ín. Àwọn àti ọkọ wọn ni ìgbìmọ̀ yẹn, nínú yàrá wọn! Ẹni tó fi owó kún owó ni kó fọwọ́ sí lẹ́tà, kí òbí mọ ẹni tó máa lọ bá.

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ilé-ìwé náà. “Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́” tí ẹ kọ yìí, ṣé àwọn ọmọ jéléósinmi wà níbẹ̀? Wọ́n ní rárá, tiwọn ò yí padà. “Táàmù tó ń bọ̀,” ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Owó ìdánwò ńkọ́, ṣé ó wà nínú 19,000? Ó wà níbẹ̀. Ìwé àti yúnifọ́ọ̀mù? Wọn ò sí níbẹ̀. Gbogbo èyí wà lórí Mummy, kò sí ọ̀kan nínú lẹ́tà. Ibi tí àyè ti yẹ kó wà fún un ni ìkíni àti epo bẹntiróòlù ti gbà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa sọ pé, “Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ yọ àdúrà kúrò?” Èmi ni o. Ìkíni kan ti tó nínú lẹ́tà owó. Bí ìkíni bá di mẹ́ta tí àdúrà sì gùn, ọkàn òbí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, torí ó ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdí ló gbà wá lákòókò jù. Ẹ rántí 29 Oṣù Karùn-ún 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gba ìjọba ní Ìbàdàn, tó ní òun fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé ìjọba. Iye owó wà níbẹ̀, ilé-ìwé tó kàn wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí, torí owó tó dínkù kì í béèrè àlàyé. Èyí tó lé ló ń béèrè rẹ̀. Ìdí tí Mummy kọ, pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, òótọ́ ni, láti 29 Oṣù Karùn-ún 2023 ni. Àmọ́ epo yẹn gun orí òbí náà, ó wà nínú owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àgbàdo lọ sọ́jà. Bí ẹ bá fi ìyà tó ń jẹ gbogbo wa ṣe ìdí tí ẹ fi ń gba owó lọ́wọ́ mi, èmi náà á ní kí ẹ gbé tèmi wò. Mo bi Mummy pé níbo gan-an ni 4,000 yìí ń lọ. Wọ́n ní olùkọ́ méjì ti lọ láàárín ọdún kan torí owó oṣù. Mo ní ẹ kọ ìyẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìdí kan tó jẹ́ òótọ́ lágbára ju “àti àwọn ìdí mìíràn” lọ.

Ìparí lẹ́tà ńkọ́? Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó wá bínú. “Ẹ dákun, ẹ má bínú” máa ń mú kí òbí rò pé wọ́n ṣì lè ná owó náà bí ẹni ná iṣu. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e wá halẹ̀ mọ́ ẹni tí kò tíì jẹ gbèsè. Ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ fún òbí bó ṣe lè san án. Nílẹ̀ wa, àgbàdo tí wọ́n ti gbẹ tí wọ́n sì ti tà ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ òbí dé Oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá pẹ́ kò lè kó gbogbo owó sílẹ̀ lọ́jọ́ ìwọlé. A pín in sí méjì. Mo kọ́kọ́ kọ “kó tó di 31 Oṣù Kẹwàá,” Mummy ní ẹlòmíì máa jiyàn bóyá ọjọ́ 31 fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní “ó pẹ́ tán.”

Bó ṣe jáde nìyí:

“Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Láti Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án tí a ó wọlé, owó ilé-ìwé ọmọ kan ní kíláàsì kìíní títí dé ìkarùn-ún yóò jẹ́ ₦19,000 ní táàmù kan. ₦15,000 ni ẹ ń san tẹ́lẹ̀. Owó ìdánwò wà nínú ₦19,000 yìí. Ìwé àti yúnifọ́ọ̀mù kò sí nínú rẹ̀. Owó àwọn ọmọ jéléósinmi kò yí padà.

A fi ₦4,000 kún un kí á lè fi kún owó oṣù àwọn olùkọ́.

Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ san ₦10,000 lọ́jọ́ ìwọlé àti ₦9,000 tó kù, ó pẹ́ tán, 31 Oṣù Kẹwàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ akápò. Bí kò bá ní rọrùn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì kí á tó wọlé. Ẹ ṣeun.”

Orúkọ Mummy, ipò wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn ló tẹ̀ lé e. Ó gba ìdajì ìwé kan, nítorí náà ẹ̀dà méjì ló jáde nínú ewé kọ̀ọ̀kan, ìdajì owó ìwé títẹ̀ ni wọ́n ná.

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, a fún ọmọ kíláàsì kẹrin kan pé kó kà á sókè fún ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé, torí bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀pọ̀ ilé nìyẹn: ẹnu ọmọ ló ń gbà wọlé. A bi ìyá náà pé, “Ìyá, bí ọmọ yín bá jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀, èló lẹ máa mú lọ lọ́jọ́ ìwọlé?” Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní “Bí mo bá fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, 30,000.” Ó tọ̀nà. Ká ní wọ́n ṣì í ni, lẹ́tà la ò bá padà lọ tún kọ, a ò ní tún un ṣàlàyé fún wọn, torí kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé lẹ́tà délé láti ṣàlàyé.

Lẹ́tà yìí kò mú kí 19,000 rọrùn fún ẹni tí kò ní in. Àwọn òbí kan wá sí ọ́fíìsì nínú ìsinmi, Mummy sì bá wọn ṣètò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Òbí kan mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ó mọ iye tó sá fún, ó sì wá dágbére.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ tiyín lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìsinmi, kí ẹ fún ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ wò ó, kó mú un wá lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Kó mú bírò dání o.