Orin Ìyàwó àti Orin Ijó: Ọgbọ́n Tí Glinka Dá sí Orin Ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ní Rọ́ṣíà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú orin tí àwọn ọlọ́lá ń gbádùn ní gbọ̀ngàn ló wá láti Ítálì, Jẹ́mánì àti Faransé. Orin àwọn àgbẹ̀ kò níyì lójú wọn.

Mikhail Glinka, tí a bí ní 1804, gbọ́ orin wọ̀nyí ní ìgbèríko tí ó dàgbà sí. Ní 1836, ó gbé eré olórin kan jáde tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí ‘Ẹ̀mí fún Ọba’. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó wá kí ìyàwó ń kọrin ní ìwọ̀n márùn-ún márùn-ún, bí orin ìyàwó Rọ́ṣíà ti máa ń rí. Àwọn ọlọ́lá kan pẹ̀gàn eré náà pé orin àwọn awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ni. Glinka dáhùn pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn awakọ̀ níláárí ju ọ̀gá wọn lọ.

Ìṣòro kan ṣì kù. Orin ìbílẹ̀ kúrú, ó sì pé lára ara rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe fi kọ iṣẹ́ gígùn fún ẹgbẹ́ ńlá olóhun-èlò orin? Àṣà àwọn ará Jẹ́mánì ni láti gé ohùn orin sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi àwọn ègé náà kọ́ ilé tuntun. Bí a bá gé orin àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni ín lè má dá a mọ̀ mọ́.

Ní 1848, nínú ‘Kamarinskaya’, Glinka gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú orin méjì: orin ìyàwó tó rọra ń lọ, àti orin ijó tó yára. Kò gé orin ijó náà. Ó ń tún un kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà márùndínlọ́gọ́rin, ó sì ń pààrọ̀ ohun tó yí i ká. Bí ohun èlò olókùn bá ti gbé e, fèrè á gbà á. Ohùn kejì á wé mọ́ ọn. Ó tún ṣàkíyèsí pé orin méjèèjì jọra, eré sísá ni kò jẹ́ kí etí mọ̀. Nítorí náà, ó jẹ́ kí orin ijó yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di orin ìyàwó.

Ọ̀nà yìí ní àléébù: orin lè máa yípo lójú kan láì tẹ̀ síwájú. Síbẹ̀, ní 1888, Tchaikovsky kọ ọ́ pé inú ‘Kamarinskaya’ ni gbogbo orin ńlá Rọ́ṣíà ti hù, bí igi ńlá ti ń hù láti inú kóró. Òun fúnra rẹ̀ ti lo ọgbọ́n náà ní 1872, ní ìparí iṣẹ́ ńlá rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n orin àwọn ará Yukiréènì ló tún kọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi orin ìbílẹ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé, orin ta ni?