Ikùn Gìtá Mi

Owó àjọ tí màámi kó ni wọ́n fi ra gìtá náà fún mi. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú agolo, mi ò lè sọ fún wọn nílé.

Oṣù Keje ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé páànù ni yàrá tí mo háyà ní Bàsírì, l'Ádó-Èkìtì, ní: ooru lọ́sàn-án, òjò lálẹ́. Ara ògiri ni mo máa ń gbé gìtá tì. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni okùn rẹ̀ ń ga sí i, títí ìka fi ń ro mí tí mo bá tẹ kọ́ọ̀dù. Mo rí i lórí ayélujára pé irin kan wà nínú ọrùn gìtá tí èèyàn lè fi kọ́kọ́rọ́ yí. Mo yí i sápá ọ̀tún, okùn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Mo tún yí i. Inú mi dùn, àṣé mo ti ṣìnà.

Ṣé ẹ rí i, ọrùn kọ́ ló ń ṣàìsàn, ikùn ni. Pákó iwájú gìtá fẹ́lẹ́ gan-an, ó sì máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bó bá mu ún, á wú, á gbé bíríìjì tí wọ́n so okùn mọ́ sókè, okùn náà á bá a gòkè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbé rúlà lé ikùn náà ní ìbú, lẹ́yìn bíríìjì, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń mì tó. Ìwúsókè díẹ̀ kì í ṣe àrùn o, ọ̀pọ̀ gìtá ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń pọ̀ sí i ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ọyẹ́ dé lóṣù Kejìlá. Pákó gbẹ, ikùn wálẹ̀, okùn bá a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn tí mo ti fà sẹ́yìn ṣì wà bí mo ṣe fà á. Ni okùn bá ń gbá àwọn irin fúrẹ́ẹ̀tì, pàápàá láti ìkíní dé ìkarùn-ún.

Mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan ní Ajílósùn.

“Àbúrò, ta ló fọwọ́ kan irin yìí?”

Mo dákẹ́. Wọ́n tẹ okùn tó nípọn jù ní fúrẹ́ẹ̀tì kìíní àti ìkẹrìnlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kí n wo ìkeje. Okùn lẹ̀ mọ́ irin pátápátá. Ó yẹ kí àlàfo bíńtín wà níbẹ̀, bí ìnípọn káàdì ìkésíni. Wọ́n yí irin sápá òsì, ìdámẹ́rin ìyíká péré, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó tún yí i. Kíkùn náà dákẹ́.

Gìtá mi kì í fara ti ògiri mọ́. Inú àpótí rẹ̀ ló ń sùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin. Ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni mò ń wá. Nígbà òjò, mo máa ń kó àwọn àpò pélébé tó ń wà nínú páálí bàtà sí i. Tí wọ́n bá ti mu omi yó, mo máa ń pààrọ̀ wọn. (Ìrẹsì táwọn kan ní ká fi síbẹ̀, ẹ sè é jẹ, jàre.) Nígbà ọyẹ́, kàn-ìn-kàn-ìn tútù tí mo ti fún gbẹ, nínú àwo ọṣẹ oníhò, ló ń rọ́pò wọn. Mi ò sì jẹ́ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, torí ooru ibẹ̀ lè mú kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kí bíríìjì sì ṣí.

Lóṣù tó kọjá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ náà ka 61. Okùn ga díẹ̀. Mo pààrọ̀ àwọn àpò, mo pa àpótí dé. Mi ò fọwọ́ kan irin.

Màámi ò tíì mọ̀ títí dòní.