Ẹrù Tó Ń Tẹ Òpó Tẹ́ẹ́rẹ́

Bí a bá béèrè pé ẹrù mélòó ni òpó irin lè gbé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni agbára irin náà. Fún òpó kúkúrú tó ki, ìdáhùn yẹn tọ́. Fún òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jìnnà sí òtítọ́. Ẹ jẹ́ ká mú irin róbótó kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, tó gùn ní mítà 2, tó dúró ṣánṣán. Orí àti ìdí rẹ̀ kò lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè yí díẹ̀. Ká ní irin yìí jẹ́ irú èyí tó ń juwọ́ sílẹ̀ bí níútọ̀nù 250 bá wà lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó gbé nǹkan bí níútọ̀nù 78,500, ìyẹn tọ́ọ̀nù 8. Àmọ́ bí ẹrù bá ti ń sún mọ́ níútọ̀nù 3,900, tí kò tó 400 kílò, irin náà yóò tẹ̀. Ìdá kan nínú ogún péré nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹrù yìí kò ti inú agbára irin wá. Inú ìdọ́gba dífẹrẹ́ńṣíà kan ló ti wá, agbára irin kò sì sí nínú ìdọ́gba náà rárá.

Leonhard Euler ló ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1744. Ká ní òpó náà ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ìlà rẹ̀, tí a sì pe yíyẹ̀ náà ní y ní ibi gíga x. Ẹrù P kò sí lórí àárín irin mọ́ níbẹ̀, nítorí náà ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí i, bí y bá sì ṣe pọ̀ tó ni ipá títẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Irin náà ń kọ̀, bó bá sì ṣe tẹ̀ tó ló ṣe ń kọ̀ tó. Nígbà tí ipá méjèèjì bá dọ́gba, a rí èyí:

```
EI y'' + P y = 0,   y(0) = y(L) = 0
```

E ni agídí irin sí fífà àti títẹ̀. I ń sọ bí ara irin ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀ tó. L ni gígùn. Òpó tó nà tọ́, níbi tí y jẹ́ òdo, tẹ́ ìdọ́gba yìí lọ́rùn nígbà gbogbo. Ìbéèrè náà ni bóyá ìrísí mìíràn wà tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìrísí bí ìgbì nìkan ni, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo nísàlẹ̀ kó tún padà sí òdo lókè. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo P ló gbà á. Àwọn tó gbà á nìkan ni `P = n²π²EI/L²`, tí n jẹ́ 1, 2, 3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni iye àdámọ́ ìdọ́gba náà, èyí tó kéré jù nínú wọn ló sì ń tẹ òpó. Fún irin wa, E jẹ́ 200,000, I sì jẹ́ 7,854, nítorí náà iye àkọ́kọ́ jẹ́ níútọ̀nù 3,876. Ẹni tó bá ra irin tó lágbára ní ìlọ́po méjì kò rí àǹfààní kankan níbí, nítorí agídí irin líle àti ti irin lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹnì kan lè ní kí ló wá dé tí a fi ń ṣe wàhálà lórí àwọn iye yòókù, nígbà tí ẹrù tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ yóò ti bá àkọ́kọ́ pàdé ná. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá fi òpó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ká ní a di àárín irin náà mú kó má lè yẹ̀. Ìrísí àkọ́kọ́, tó yọ jù lọ ní àárín, kò ṣeé ṣe mọ́. Ìkejì kò sì mọ̀ pé a di nǹkan kan mú, nítorí òdo ló wà ní àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iye rẹ̀ ló wá di èyí tó kéré jù: níútọ̀nù 15,500, ìlọ́po mẹ́rin, láìfi irin kún irin. Ohun tí àwọn káfíńtà ń ṣe nìyí bí wọ́n bá so igi ìbú mọ́ àárín àwọn ọparun tó gbé pákó dẹ́kìn ró. (Bí igi ìbú náà bá kàn so ọparun mọ́ ọparun, tí gbogbo wọn lè jọ yẹ̀ sí apá kan náà, asán ni.)

Àtakò tó wúwo jù ni pé kò sí òpó tó tọ́ pátápátá, nítorí náà ìdọ́gba tó gba títọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ kò kan òpó gidi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà rí lódì sí èyí. Bí òpó bá ti wọ́ díẹ̀ látilẹ̀, a lè pín wíwọ́ náà sí àwọn ìrísí ìgbì wọ̀nyẹn, kí a sì rí i pé ẹrù ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ńlá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iye àkọ́kọ́, ìrísí àkọ́kọ́ ti di ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìkejì kò tíì di ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bó ti wù kí òpó wọ́, ìrísí àkọ́kọ́ ló ń borí. Ní 1932, Richard Southwell lo òtítọ́ yìí láti wọn iye náà lára òpó tí a kò tíì bà jẹ́: ẹ wọn bí àárín ṣe ń yọ sí i bí ẹrù ti ń pọ̀, ẹ fi ẹrù pín yíyọ náà, ẹ ya ohun tí ẹ rí lórí yíyọ. Àwọn àmì náà máa ń tò sójú ìlà tó tọ́, bí ìlà náà sì ṣe ń gòkè tó ló ń fi iye àkọ́kọ́ hàn.

Ibi tí ìdọ́gba náà ti kùnà dájú wà níbòmíràn. Bí a bá gé irin wa kúrú sí mílímítà 444, iye àkọ́kọ́ yóò dé níútọ̀nù 78,500, irin náà yóò sì juwọ́ sílẹ̀ níbi tí òun náà ti fẹ́ tẹ̀. Ní nǹkan bí ààbọ̀ mítà, òpó gidi kì í gbé tó èyíkéyìí nínú iye méjèèjì, nítorí wíwọ́ díẹ̀ tó wà lára rẹ̀ àti ipá tó ṣẹ́kù sínú irin láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é jọ ń jẹ nínú méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni ìdánwò lórí òpó gidi ti gbọ́dọ̀ ran ìṣirò Euler lọ́wọ́.