Ọmọ Ẹ̀jẹ̀ Mélòó Ló Dé Lónìí?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ẹ̀kọ́ kan ń gbèrú, kì í ṣe iye akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì nìkan ni yóò kà. Yóò béèrè pé: mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rí. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, èyí tí à ń pè ní Pí-Sí-Fíì, ń sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà nílẹ̀. Kò lè sọ èyí tó ń bọ̀ lọ́nà. Àyẹ̀wò mìíràn ló ń sọ ìyẹn, òun náà ni kíka rẹtikulosáìtì. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ní ọdún 2019, òun ló la ọ̀nà fún wa nínú àìsàn àbúrò mi obìnrin.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń lò tó 120 ọjọ́ kí ó tó gbó, nítorí náà ojoojúmọ́ ni tuntun gbọ́dọ̀ máa rọ́pò ògbólógbòó. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tuntun bá kọ́kọ́ jáde sínú iṣan, ìyókù irinṣẹ́ tó fi kọ́ ara rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá po ẹ̀jẹ̀ tútù mọ́ aró búlúù kan, tí wọ́n sì wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, ìyókù yìí a hàn bí okùn tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí àwọ̀n kékeré sọ ọ́ lórúkọ. Láàárín ọjọ́ kan péré, okùn náà a pòórá, ọmọ tuntun a sì di àgbà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí a bá ka 100 sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, bí ẹyọ kan tàbí méjì ni yóò jẹ́ tuntun.

Ó ti pẹ́ tí nǹkan oṣù ti ń dà lára àbúrò mi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí fáíbírọ́ọ̀dì inú ilé ọmọ. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ti ń mú un mí hẹlẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti funfun. Pí-Sí-Fíì rẹ̀ jẹ́ 18%, bẹ́ẹ̀ 36% ni ó kéré jù tí à ń retí lára obìnrin. Rẹtikulosáìtì rẹ̀ jẹ́ 3%. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, gba ìwé èsì, ó wo ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n tó yẹ sí, ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. 2.5% ni òkè ibi tó yẹ kó dé, tiyín sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara yín ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun.” Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yí sí mi, ó ní, “Mà, olùkọ́ ni yín, ẹ ó tètè lóye èyí.” Ó sì ṣàlàyé.

Ẹ fojú inú wo kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ 50 wà nínú rẹ̀, tí ẹyọ kan sì jẹ́ tuntun. Ìyẹn jẹ́ 2%. Bí 25 bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹni tuntun kan ṣoṣo náà ti di 4%. Ẹni tuntun kò pọ̀ sí i rárá, àwọn ògbólógbòó ló dín kù. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi iye ẹ̀jẹ̀ tó kù tún ìṣirò náà ṣe. Dókítà mú 3, ó fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì fi 45, tí wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pípé, pín in. Ó ku 1.2.

Ó ṣì ku ìtúnṣe kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, mùdùnmúdùn kì í dúró kí ọmọ tuntun gbó tán kó tó tì í jáde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lò tó ọjọ́ méjì nínú iṣan kí okùn rẹ̀ tó pòórá. Bí a bá wá kà wọ́n lónìí, a ó tún ka àwọn tó dé lánàá mọ́ wọn, bí ìgbà tí a kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé ìwọlé. Bí Pí-Sí-Fíì bá wà láàárín 16 sí 25, méjì ni wọ́n sábà máa ń fi pín in. 1.2 di 0.6. Bí mùdùnmúdùn bá ń sa ipá rẹ̀ bó ti yẹ nígbà àìtó ẹ̀jẹ̀, iye tó gbẹ̀yìn yìí yẹ kó lé ní 2. Ara àbúrò mi kò tíì gbìyànjú rárá.

Kí ló fà á? Kíndìnrín ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ náà ti dé, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò rí irin rọ. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nù lóṣooṣù, èyí tó wà nípamọ́ nínú ara sì ti tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, wọ́n sì ṣì lójú. Àyẹ̀wò irin inú ara náà sì jẹ́rìí sí i. Nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì dà mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, dókítà kò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó fún un ní oògùn irin, ó ní kó padà wá ní ọjọ́ kẹjọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Pí-Sí-Fíì kò kúrò ní 18 ju dídé 20 lọ. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan yóò ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rẹtikulosáìtì ti di 10.8%. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀: 10.8 lọ́nà 20, ká fi 45 pín in, ó jẹ́ 4.8, ká fi méjì pín ìyẹn, ó jẹ́ 2.4. Ilé arọ ti ń jó. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10 tí irin bá wọlé ni iye yìí sábà máa ń ga jù lọ, Pí-Sí-Fíì á sì máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tirẹ̀ ti di 34. Ká ní iye náà kò mira ni, dókítà ìbá ti béèrè bóyá ó ń lo oògùn náà déédéé, bóyá ìfun rẹ̀ ń gbà á, tàbí bóyá àìsàn mìíràn dè mùdùnmúdùn lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lánàá lè ní iye tó kéré lónìí láìsí àléébù, nítorí pé mùdùnmúdùn nílò ọjọ́ bíi mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn síni lára, sẹ́ẹ̀lì àlejò á bo ti onílé mọ́lẹ̀, ìṣirò á sì dàrú. Ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò ṣáájú. Iye tó ga kò sì túmọ̀ sí ìlera. Lára ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ó máa ń ga nígbà gbogbo, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń bàjẹ́ kíákíá, mùdùnmúdùn sì ń sáré rọ́pò rẹ̀. Lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bani ni kí iye náà ṣàdédé wálẹ̀ sí òdo. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pafofáírọ́ọ̀sì B19 lè dá mùdùnmúdùn dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan, Pí-Sí-Fíì á sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé èsì tí wọ́n kọ rẹtikulosáìtì sí, ẹ má ṣe dá a kà. Ẹ wá Pí-Sí-Fíì ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé: mélòó gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?