Aago Mẹ́jọ Àárọ̀ Nínú Sítọ́ọ̀ Oògùn Kan ní Ìdúmọ̀tà

Kí aago tó lu mẹ́jọ, Ìdúmọ̀tà ti jí. Dánfó ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá Afárá Carter, àwọn ọlọ́jà ń ṣí ilẹ̀kùn onírin ìsọ̀ wọn, àwọn alábàárù sì ti ru páálí oògùn sórí, "Àgò o! Àgò lọ́nà!" lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń la àárín èrò kọjá. Àwọn tó ń ta oògùn níbí kì í tà á ní káàdì kan tàbí méjì. Páálí-páálí ni wọ́n ń tà á fún àwọn oníkẹ́míìsì tó ń wá láti Ìlọrin, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oòrùn kò tíì mú. Tó bá di ọ̀sán, páálí tí wọ́n tò síta gbangba á gbóná débi pé ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ibi tí wọ́n bá kó wọn sí kò gbọdọ̀ gbóná ju 30°C lọ. Nínú Oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn yìí pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, kí wọ́n lè yẹ inú ìsọ̀ wò fún ayédèrú oògùn àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n ti ṣí ọjà padà. Ohun tí mo wá wò láàárọ̀ yìí ni bí ẹni tó ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí ṣe ń mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé, ibi tó wà, àti ẹni tó gbé e lọ.

Àjà kẹta ilé kan ni sítọ́ọ̀ náà wà. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni mo rí pẹpẹ onírin tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ láti ògiri dé ògiri. Kò sí páálí kankan tó jókòó sórí ilẹ̀, pákó ni wọ́n fi gbé èyí tí kò sí lórí pẹpẹ sókè kí omi má bàa kàn wọ́n. Bí ilé ṣe ní ojúlé ní àdúgbò ni gbogbo àyè orí pẹpẹ ṣe ní tirẹ̀. Wọ́n lẹ `C-04-2-07` mọ́ iwájú ọ̀kan: ẹsẹ̀ C ni, pẹpẹ kẹrin, ipele kejì láti ìsàlẹ̀, ojúlé keje. Ọmọ tó bá gbaṣẹ́ lánàá lè dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí láìbi ẹnikẹ́ni.

Òfin ojúlé kan wà tí famasíìsì tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ náà kò fi ṣeré. Obìnrin tí kì í pariwo ni, "Àǹtí" ni gbogbo wọn ń pè é. Òfin náà ni pé báàṣì méjì kò gbọdọ̀ gbé ojúlé kan náà, kódà kí oògùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Báàṣì ni gbogbo èyí tí iléeṣẹ́ pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tẹ̀ sára gbogbo wọn. Bí àléébù bá wọ inú ìpò kan, nọ́ńbà yẹn nìkan ló lè ya èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára, nítorí pé orúkọ, àwọ̀ àti páálí wọn kò yàtọ̀ síra.

Ọjà tó dé lálẹ́ àná ṣì wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, nínú àyè tí wọ́n fi téèpù aláwọ̀ ìyeyè yí ká. Kò sẹ́ni tó lè tà nínú rẹ̀ títí Àǹtí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ gbé sikánà sí àmì onígun mẹ́rin kékeré tó wà lára páálí kan, apá kan nínú ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà nìyí:

```
(17)280430(10)K2207
```

Ohun tó tẹ̀lé 17 ni ọjọ́ ìparí: ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 2028. Ohun tó tẹ̀lé 10 ni báàṣì, èyí tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn páálí kan wà tí kò ní àmì yìí rárá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ tiwọn wọlé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti rọrùn jù. Bí akọ̀wé bá tẹ lẹ́tà O níbi tí òdo yẹ kó wà, kọ̀ǹpútà á gbà pé báàṣì tuntun ló dé, oògùn kan náà á sì di méjì nínú ìwé. Nítorí náà, ẹni kan ló ń kà á sókè, ẹlòmíì ló ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìwé ọjà kan wọlé láti Àkúrẹ́: 100 páálí oògùn ibà, átémétà òun lumefántírìnì, oníhóró 24. Kọ̀ǹpútà pín in sí ojúlé méjì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mú 60 nínú `C-04-2-07`, báàṣì `K1863`, tí ọjọ́ rẹ̀ máa pé ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2027, kó sì mú 40 tó kù nínú `C-04-2-08`, báàṣì `K2207` tí ọjọ́ rẹ̀ di 2028. Èyí tó máa kọ́kọ́ parí ló ń kọ́kọ́ jáde. Wọn kì í wo èyí tó kọ́kọ́ dé, torí pé ọjà tó wọlé lánàá lè ní ọjọ́ tó kúrú ju èyí tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta lọ.

Ọmọ iṣẹ́ náà ka 60 sínú agbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ bi í bóyá ojúlé keje ti ṣófo, torí pé 60 gan-an ni ìwé sọ pé ó kù níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ inú ojúlé, ó tún un kà, ó sì yíjú padà.

"Àǹtí, ó ṣì ku mẹ́jọ níbí o."

"Má fọwọ́ kàn án. Ka ojúlé kẹjọ fún mi."

Ìwé sọ pé 200 ló wà ní ojúlé kẹjọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, 192 ló bá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ìwé, 60 àti 200 jẹ́ 260. Lórí pẹpẹ, 68 àti 192 jẹ́ 260 bákan náà. Ká ní àpapọ̀ oògùn ibà náà nìkan ni wọ́n ń kà lópin oṣù, wọn ì bá fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó sọnù. Òótọ́ sì ni, kò sí ohun tó sọnù. Báàṣì ni wọ́n ti pàrọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Àǹtí kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ṣe é. Ó ní kí akọ̀wé ṣí ìwé gbogbo ẹni tó ra `K1863` kẹ́yìn. Oníkẹ́míìsì kan ní Ìlọrin ló jáde, ó ra mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí gbé fóònù.

"Ẹ kú àárọ̀ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ara páálí oògùn ibà tí ẹ gbà lọ́jọ́ Ajé. Kí ni wọ́n kọ síbi báàṣì?"

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀. "K2207 ni, mà."

"Mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?"

"Márùn-ún. A ti ta mẹ́ta."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ wá hàn kedere. Lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó kó ọjà náà sikáàní àmì iwájú ojúlé keje bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n páálí ńlá kan ti wà ní ṣíṣí ní ojúlé kẹjọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ya síbẹ̀. Àmì ara pẹpẹ lè jẹ́rìí sí ibi tí èèyàn dúró sí. Kò lè jẹ́rìí sí ohun tó mú.

Ewu méjì ló wà nínú páálí mẹ́jọ yẹn. Àkọ́kọ́ ni pé, ká ní ọmọ iṣẹ́ òní ti tẹ̀ ẹ́ pé ojúlé ti ṣófo láìwo inú rẹ̀, mẹ́jọ yẹn ì bá jókòó síbẹ̀ láìsí lórúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà kì í kìlọ̀ nípa ọjọ́ ìparí ohun tó gbà pé kò sí mọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2027 á kọjá lórí wọn, ẹnì kan á sì rí wọn lọ́jọ́ kan, á rò pé ara ọjà tuntun ni.

Èkejì ló wúwo jù. Bí iléeṣẹ́ bá kéde lọ́la pé kí wọ́n dá `K2207` padà, sítọ́ọ̀ yìí á tẹ̀wé orúkọ gbogbo ẹni tó rà á jáde, ẹni Ìlọrin kò sì ní sí níbẹ̀. Nàìjíríà mọ bí irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ní ìparí ọdún 2008, kẹ́míkà olóró dáyẹtilíìnì gíláíkóòlù wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ọmọ tó kú lé ní 80. Nígbà tí àṣírí tú, ìgò ti kúrò ní sítọ́ọ̀, ó ti wà lórí àtẹ àti nínú ilé àwọn òbí. Ẹni tó bá ń wá irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti tẹ̀ lé ju ìwé tó sọ pé báàṣì báyìí lọ sọ́dọ̀ ẹni báyìí.

Akọ̀wé fẹ́ yára ṣàtúnṣe: kó fi mẹ́jọ kún `K1863`, kó yọ mẹ́jọ kúrò nínú `K2207`, kó tán síbẹ̀. Àǹtí ní rárá. Ìyẹn á mú kí pẹpẹ àti ìwé bára mu, ṣùgbọ́n ìwé ọjà Ìlọrin á ṣì máa purọ́. Ìwé ọjà náà ni wọ́n kọ́kọ́ fagi lé, wọ́n kọ òmíràn tó ní `K2207` nínú, iye orí pẹpẹ sì tún ara rẹ̀ ṣe láti ibẹ̀. Àǹtí kọ ìdí rẹ̀, aago àti orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìwé Àkúrẹ́ wá yí padà: 68 láti ojúlé keje, 32 láti ojúlé kẹjọ. Kí wọ́n tó di páálí náà, ọmọ iṣẹ́ ka òpin nọ́ńbà báàṣì sókè lára gbogbo ìdìpọ̀, akọ̀wé ń fi wé ìwé. Láti òní lọ, ara páálí oògùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n á máa sikáàní. Ó máa ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Àǹtí sì sọ fún wọn pé òun gbà kó pẹ́.

Aago mẹ́sàn-án lù. Alábàárù gbé ẹrù Àkúrẹ́ sórí. Lórí ìwé tó bá a lọ, ìlà méjì ni wọ́n kọ fún oògùn ibà kan ṣoṣo, báàṣì àti ọjọ́ ìparí sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá rajà ní Ìdúmọ̀tà, irú ìwé tó yẹ kí ẹ máa bèèrè nìyẹn. Kí ẹ tó kúrò nídìí ìsọ̀, ẹ fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé ara páálí. Bí orúkọ oògùn àti iye owó nìkan ni wọ́n bá kọ fún yín, ẹni tó tà á kò ní lè rí yín lọ́jọ́ tó bá yẹ kó wá yín.